"Mo" àti "O" ní Èdè Fiẹtnám: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Túmọ̀ Ìtàkùrọ̀sọ

Ìtàkùrọ̀sọ inú eré àti ìtàn Yorùbá ni mo máa ń túmọ̀ sí èdè Fiẹtnám. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Hànóì ló máa ń kà á kó tó jáde. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí a jọ ṣiṣẹ́, "mo" àti "o" ni bírò pupa rẹ̀ ń fà láti òkè délẹ̀ ojú ìwé. Gírámà kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń bi mí nìyí.

Wọ́n kọ́ mi pé *tôi* ni "èmi", *bạn* sì ni "ìwọ". Ṣé ìyẹn kò tó ni?

Kò tó rárá. Ọ̀rẹ́ ni *bạn* túmọ̀ sí. Ìpolówó ọjà, ojú fóònù àti ìwé ìkọ́ni máa ń fi bá ẹni tí wọn kò rí sọ̀rọ̀. Bí o bá fi sí ẹnu ọkùnrin tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, àfi bí ìgbà tí ìpolówó ọṣẹ bá já wọ inú eré. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì mọra máa ń lò ó fún ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló mọ.

*Tôi* ní ìtàn tirẹ̀. Ìránṣẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́, ó sì ṣì wà nínú *tôi tớ*, ìyẹn ọmọ ọ̀dọ̀. Lónìí àárín ló dúró sí: kò tẹrí ba, kò sì gbé ara ga. Ìdí nìyẹn tó fi dára níwájú èrò. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1945, nígbà tí Ọba Bảo Đại fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Huế, *trẫm* ló pe ara rẹ̀ nínú ìwé tó kà, ọ̀rọ̀ tí ọba nìkan ń lò. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní pápá Ba Đình ní Hànóì, Hồ Chí Minh dánu dúró láàárín ìkéde òmìnira, ó bi èrò léèrè pé, "*Tôi nói, đồng bào nghe rõ không?*": mò ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ará, ṣé ẹ ń gbọ́ dáadáa? Aṣáájú ìlú, tó sì pe ara rẹ̀ ní *tôi*.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá èrò mu kò bá ilé mu. Láàárín àwọn tó mọra, *tôi* dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn pa. A ó rí i níwájú.

Tí wọn kì í bá ṣe "èmi" àti "ìwọ", kí wá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí?

Ipò nínú ẹbí ni wọ́n. Ronú ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Dákẹ́, màmá ń bọ̀." Kò sọ pé "mo ń bọ̀", ipò tó wà sí ọmọ náà ló fi pe ara rẹ̀. Ohun tí àwa ń ṣe fún ọmọ ọwọ́ nìkan, àwọn ará Fiẹtnám ń ṣe é fún gbogbo ènìyàn títí ayé. *Anh* ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, *chị* ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, *em* ni àbúrò, *con* ni ọmọ, *cháu* sì ni ọmọ-ọmọ tàbí ọmọ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni bí. Wọ́n sì ń nà wọ́n dé ọ̀dọ̀ àjèjì, bí àwa náà ṣe ń pe ẹni tí a kò mọ̀ rí ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n.

Ohun tó máa ń rú àwọn tuntun lójú ni pé ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ "èmi" kó tún jẹ́ "ìwọ". Bí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì ni yóò máa pe ẹ̀gbọ́n ní *anh*, tí wọn yóò sì máa pe àbúrò ní *em*. *Em* jẹ́ "mo" lẹ́nu àbúrò, ó jẹ́ "o" lẹ́nu ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ kò kúrò níbi tó wà, ẹnu ló ń yí padà. Nítorí náà, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "báwo ni mo ṣe máa sọ 'mo' níbí?" Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí ni àwọn méjì yìí jẹ́ síra wọn?"

Àwa náà ní "o" àti "ẹ". Ṣé ìyẹn kò gbé iṣẹ́ dé ìdajì?

Ó gbé e díẹ̀, kò dé ìdajì. "Ẹ" sọ ẹni tó jẹ́ àgbà, kò sọ bó ṣe jù ú lọ tó. "Mo" tiwa kò sì ní tẹríba nínú: mo jẹun níwájú ọba, mo jẹun níwájú àbúrò mi. Ní Fiẹtnám, "mo" gan-an ló kọ́kọ́ ń kúnlẹ̀. Ẹni kan náà ni *em* níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, *cháu* níwájú bàbá àgbà rẹ̀, *con* níwájú ìyá rẹ̀, kódà bí òun fúnra rẹ̀ ti pé ọgọ́ta ọdún.

Ibi tí "ẹ" ti ń tan ni jẹ jù ni ilé ọkọ. Ìyàwó tiwa á máa kí ọmọkùnrin tó bá nílé ní "ẹ" àti "ọkọ mi", bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun lè bí i. Nígbà kan mo sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ di *anh*, mo sì sọ ìyàwó di *em*. Ọ̀rẹ́ mi rò pé àwọn méjèèjì ń fẹ́ra wọn ni. Ọ̀nà tí ìyàwó ilé ń gbà nílẹ̀ wọn ni pé ó máa ń dúró ní ipò ọmọ tirẹ̀: àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́kùnrin ni *chú*, ìyẹn àbúrò bàbá, nítorí pé bí ọmọ inú ilé ṣe máa pè é nìyẹn. "Bàbá Bọ́lá" tí àwa ń fi pe ọkọ kò jìnnà sí i. *Chú* ni mo fi rọ́pò, ó sì dúró.

Ẹ má sì rò pé ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n ń wò. Òwe wọn kan sọ pé, "*Bé bằng củ khoai, cứ vai mà gọi*": bó kéré bí ọ̀dùnkún, ipò rẹ̀ nínú ẹbí ni kí o fi pè é. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bí, *anh* tàbí *chị* ni, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà.

Ẹni tí kì í ṣe ẹbí ńkọ́? Ọdún mélòó ló ń sọ ènìyàn di *anh*, mélòó ló ń sọ ọ́ di *bác*?

Má ka ọdún. Fi àwọn òbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ bá jẹ́ ìran kan náà pẹ̀lú rẹ̀, *anh* tàbí *chị* ni. Bó bá tó òbí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí òbí jù ú díẹ̀, *chú* ni fún ọkùnrin, *cô* fún obìnrin. Bó bá ju òbí lọ, *bác* ni, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bó bá tó bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà, *ông* tàbí *bà* ni. Ọjọ́ orí àwọn òbí kì í sábà sí nínú eré, nítorí náà ìwọ ni yóò pinnu rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn fúnra wọn kì í méfò títí. Wọ́n á béèrè ọdún tí wọ́n bí ọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ jìnnà, kì í sì í ṣe àfojúdi. Mo ti pe obìnrin kan tó ń ta ọbẹ̀ núdù ní *bác* rí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "*Cô thôi!*", *cô* lásán ni òun o. Mo ti fi ọdún mẹ́wàá kún ọjọ́ orí rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà.

Kí ni mo ní láti kó jọ kí n tó fọwọ́ kan ìlà kìn-ín-ní?

Tábìlì kan. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tún kọ wọ́n sí òkè. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tí ẹni ẹ̀gbẹ́ ń pe ara rẹ̀ àti ohun tó ń pe ẹni òkè. Bí ẹni márùn-ún bá wà, ogún àpótí lo máa kún, nítorí pé ohun tí Bísí ń pè sí Dáre kì í ṣe ohun tí Dáre ń pè sí Bísí. Fi ojú ìran tí àyípadà ti bẹ̀rẹ̀ sí i pẹ̀lú. Wákàtí kan ni iṣẹ́ yìí ń gbà mí. Ìgbà tí mi ò ṣe é, mo padà sí ìlà irinwó láti tún wọn kọ.

Ẹ fi eré kan hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó dáa. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni. Ìyá Bọ́lá, ọmọ ọdún 58, ni ọ̀gá. Dáre, ọmọ ọdún 31, ni àgbà láàárín àwọn ọmọṣẹ́. Bísí, ọmọ ọdún 24, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ ni. Mo pinnu pé ìyá Bísí jẹ́ ẹni 50 ọdún.

Bísí wọlé: "Ẹ káàárọ̀ mà." Nígbà tí ìyá rẹ̀ kéré sí ọ̀gá yìí, *bác* ni: "*Cháu chào bác ạ.*" Ẹ wo *ạ* tó wà ní ìparí yẹn. Òun ni "mà" àti "sà" tiwa, ó sì máa wúlò fún wa láìpẹ́.

Dáre sọ fún un pé, "Jókòó síbẹ̀. Ṣé o ti jẹun?" Bísí dáhùn: "Mo ti jẹun, ẹ ṣé sà." Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà nìyí. Mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì máa fẹ́ra níwájú, *anh* àti *em* sì ni ọ̀rọ̀ olólùfẹ́, nítorí náà mo fi *tôi* àti *cô*, tí wọ́n tún fi ń pe ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọn kò bá mọra, sí ẹnu Dáre kí n lè pa *anh* àti *em* mọ́ di ọjọ́ ìfẹ́. Ọ̀rẹ́ mi fà á rẹ́. Ó ní ọkùnrin ọdún 31 tí òun àti ọmọbìnrin ọdún 24 jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Fíìmù òyìnbó tí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn. *Anh* àti *em* ni láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò:

"*Em ngồi đó đi. Em ăn gì chưa?*"
"*Dạ em ăn rồi, em cảm ơn anh Dáre ạ.*"

Ìfẹ́ wá ńkọ́? Nínú eré Yorùbá, àmì rẹ̀ hàn kedere: ní ìran kẹfà, Bísí fi "ẹ" sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Dáre ní "o". Fiẹtnám kò ní ibi tí yóò gbé àyípadà yìí sí nínú "mo" àti "o", nítorí pé *em* ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, *em* náà ni yóò jẹ́ bó bá di ìyàwó rẹ̀. Mo wá gbé e sí ibòmíràn. Títí dé ìran karùn-ún, Bísí ń sọ pé *anh Dáre*, *ạ* sì ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ìran kẹfà orúkọ já, *ạ* já, ó kù "*Anh ơi*" nìkan, bí ìyàwó ṣe ń pe ọkọ láti ilé ìdáná. Ẹni tó bá gbọ́ Fiẹtnám yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìjà dé ní ìran kẹsàn-án. "Máa lọ, Dáre. Mi ò fẹ́ rí ẹ mọ́." Ẹ wò ó pé tiwa kò yí nǹkan kan padà nínú "mo", ohùn òṣèré ló gbé ìbínú. Fiẹtnám kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: "*Anh đi đi. Tôi không muốn nhìn thấy anh nữa.*" Láti ọjọ́ tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù, Bísí kò pe ara rẹ̀ ní *tôi* sí Dáre rí. Ọ̀rọ̀ kan yìí le ju èébú lọ. Dáre kò gbà, ó di ipò tirẹ̀ mú: "*Em nghe anh nói đã*", gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ná. Ìgbà tó rí i pé kò gbọ́ ni òun náà jáwọ́, ó pè é ní *cô*: "*Cô muốn sao thì tùy cô.*" Bó ṣe wù ọ́ ni kó rí. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ ti tú.

Nínú iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, mo ti fi *tôi* sí i ní ìlà méjì ṣáájú, níbi tí Bísí ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà wá parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà tó ti já gan-an ni kí o wá, kí o fi sí ibẹ̀, kì í ṣe ṣáájú.

Ìran ìkẹyìn, Bísí ní, "Má bínú." Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà: "*Em xin lỗi anh.*" *Em* padà dé. Òun ló bẹ̀bẹ̀, kí "má bínú" tó dé etí.

Ṣé *mày* àti *tao* jẹ́ èébú?

Ó dá lórí ẹni tó ń sọ ọ́. Láàárín ọ̀rẹ́ tó ti jọ wà láti kékeré, *mày* ni "o", *tao* ni "mo", wọ́n sì fi ń ṣàwàdà. Bí o bá fi *bạn* sí ẹnu wọn, o ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Lẹ́nu àjèjì tàbí ẹni tó ń jà, ìwọ̀sí gbáà ni. Òbí tó ń bínú lè pe ọmọ ní *mày*. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ dá a padà láé. Bí ọmọ inú eré bá pe bàbá rẹ̀ ní *mày*, ó ti kọ̀ ọ́ ní bàbá nìyẹn, kí o rí i dájú pé ìtàn náà gba irú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní àríwá tún ní *cậu* àti *tớ*, tó rọ̀ jù ú lọ.

Bí ọ̀gá bá kéré sí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Kálukú a gbé ẹnìkejì ga. Wọ́n ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní *xưng khiêm, hô tôn*: rẹ ara rẹ sílẹ̀ nínú ohun tí o pe ara rẹ, gbé ẹnìkejì ga nínú ohun tí o pè é. Obìnrin ọdún 33 tó jẹ́ máníjà lè sọ fún dírẹ́bà ọdún 55 pé, "*Chú đưa cháu ra sân bay nhé*", ẹ gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ó fi ọjọ́ orí ṣe àgbà rẹ̀. Dírẹ́bà dáhùn, "*Vâng, sếp*", bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá; ó fi ipò ṣe ọ̀gá rẹ̀. Bí máníjà náà bá jẹ́ onírera nínú eré, ibẹ̀ ni kí o ti fi hàn: kó pe ara rẹ̀ ní *tôi*, kó pe bàbá yẹn ní *anh*. Kò bú u, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń wò ó yóò mọ irú ènìyàn tó jẹ́.

Olùkọ́ rọrùn jù: *thầy* lọ́kùnrin, *cô* lóbìnrin, iṣẹ́ náà ló di orúkọ.

Àríwá tàbí gúúsù?

Mú ọ̀kan, má yẹsẹ̀. Ní Hànóì, *con* ni ọmọ sí òbí rẹ̀, *cháu* ni sí àwọn àgbà yòókù. Ní Sáígọ̀n, *con* ni sí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àgbà. Bàbá àti ìyá jẹ́ *bố mẹ* ní àríwá, *ba má* ní gúúsù. Àkọ́bí gúúsù ni wọ́n ń pè ní *Hai*, ìyẹn èjì, kì í ṣe oókan, nítorí náà *anh Hai* kì í ṣe ẹ̀gbọ́n kejì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ kan sọ *bố* lówùúrọ̀, kó sọ *ba* lálẹ́.

Bí mo bá ń ṣiyèméjì, ṣé mi ò lè yọ "mo" àti "o" kúrò pátápátá?

O lè ṣe é láàárín ẹgbẹ́. "*Ăn chưa?*", ṣé o ti jẹun, tó fún ọ̀rẹ́ méjì. Sí àgbà, wọ́n ń pè é ní *nói trống không*, ọ̀rọ̀ òfìfo, bí ọmọ tó sọ pé "Káàárọ̀" sí bàbá rẹ̀ láìsí "ẹ". "*Bác ăn cơm chưa ạ?*" ni ọmọ tí a tọ́ yóò sọ. Nígbà míì ààyè ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù kò gbà á. Mo máa ń gé ọ̀rọ̀ mìíràn, mi ò ní gé *bác*.

"Ó" àti "wọ́n" ńkọ́, nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀?

Ọ̀fìn ni fún àwa Yorùbá. "Ó" kò sọ ọkùnrin tàbí obìnrin. Fiẹtnám fẹ́ mọ̀, ó sì tún fẹ́ mọ ọjọ́ orí: *anh ấy*, *cô ấy*, *bà ấy*. "Wọ́n" tí a ń lò fún àgbà kan ṣoṣo kì í ṣe *họ*, èyí tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. *Bác ấy* tàbí *ông ấy* ni. Ẹ ṣọ́ra fún *nó*: ọmọdé, ẹran, tàbí ẹni tí a kẹ́gàn ni. "A" náà pín sí méjì: *chúng ta* bí ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀ bá wà nínú rẹ̀, *chúng tôi* bí kò bá sí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti ṣì í?

Kọ́kọ́ wá *bạn* nínú fáìlì. Ibi kọ̀ọ̀kan tó bá yọ sí, bi ara rẹ léèrè ẹni tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ka ìlà ẹni méjì péré tẹ̀lé ara wọn, fo àwọn yòókù; bí *em* bá di *tôi* níbi tí ohun kan kò ṣẹlẹ̀, àṣìṣe ni. Èyí tó dá mi lójú jù ni pé mo máa ń bo orúkọ gbogbo, mo sì máa ń fún ọ̀rẹ́ mi ní ojú ìwé kan, kó sọ ọjọ́ orí àti ipò ẹni kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó sọ fún mi pé Ìyá Bọ́lá jẹ́ àǹtí Bísí, mo mọ̀ pé mo ti fi *cô* sí ibi tó yẹ kí *bác* wà.

Bí eré bá fi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pamọ́ ńkọ́, bí ẹni tó pè lórí fóònù tí a kò mọ̀ títí dé òpin?

Kò rọrùn, nítorí pé *anh* ti sọ ọkùnrin, *chị* ti sọ obìnrin. Fún ẹni tó pè, *tôi* ni ìbòjú: kò ní ọjọ́ orí, kò sọ akọ tàbí abo. Ẹni tó gbé fóònù lè béèrè pé "*Ai đấy?*", ta nìyẹn, kò nílò "o" níbẹ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ wọn bá gùn. Mo ṣe irú rẹ̀ kan níbi tí ẹni tó ń halẹ̀ jẹ́ àbúrò ẹni tó ń halẹ̀ mọ́. Mo fi *tôi* gbé gbogbo ìpè mẹ́rin. Ní ìpè karùn-ún ó ṣèèṣì, ó pe ara rẹ̀ ní *em*, kó tó gé fóònù. Nínú Yorùbá, ẹ̀gbọ́n dá ohùn mọ̀ ni, ó sì pariwo orúkọ rẹ̀. Nínú tèmi, kò sọ nǹkan kan, ó kàn jókòó.